Nígbà Tí Àgbẹ̀ àti Alágbàdo Kò Bá Fẹnu Kò Lórí Owó Oṣù Karùn-ún

Ọ̀rọ̀ ọjà la fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ ìlera á padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí fún ẹgbẹ́, kó jọ̀wọ́ rọra máa kà á, torí ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ìṣirò náà kò le, òkúta wẹ́wẹ́ nílẹ̀ tó láti fi ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Owó tí mo máa dá níbẹ̀, owó àpẹẹrẹ ni o, kì í ṣe owó ọjà òní. Oṣù kẹjọ ni. Àgbẹ̀ kan lápá Kétu ti kórè àgbàdo òjò àkọ́kọ́. Ó ti sá a, ó ti yín in, ó sì ti dì í sínú àpò 40, kílò 100 ni àpò kọ̀ọ̀kan. Ìyá alágbàdo kan wá láti Àjàṣẹ́ láti rà á. Wọ́n jókòó, wọ́n kí ara wọn, wọ́n mu omi. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ owó dé.

“Ìyá, 19,000 fáráńkì ni mo fẹ́ gbà lórí àpò kan.”

“Háà, Bàbá! Iye tó wà lọ́jà lónìí ni mo fẹ́ san fún yín, ìyẹn 15,000. N kò rẹ́ yín jẹ.”

“Lónìí kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ pé tó bá fi máa di oṣù karùn-ún, 26,000 ni wọ́n á máa tà á. Ẹ fẹ́ rà á lówó pọ́ọ́kú, kẹ́ ẹ lọ fi pamọ́, kẹ́ ẹ jẹ èrè rẹ̀ tán.”

“Ta ló sọ fún yín pé 26,000 ni? Tí ará Nàìjíríà kò bá wá ra ọjà ńkọ́? Oṣù karùn-ún tí ẹ ń wí yẹn lè má ju 18,000 lọ. Èmi ni màá gbé e, èmi ni màá san owó ilé ìpamọ́, kòkòrò á sì tún jẹ nínú rẹ̀.”

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Owó òní kọ́ ni wọ́n ń jà lé lórí o. Àwọn méjèèjì ló mọ̀ pé 15,000 ni owó òní. Owó oṣù karùn-ún ni ìjà wọn, oṣù karùn-ún kò sì tíì dé. Bàbá ò lè fi hàn pé òótọ́ lòun sọ, Ìyá náà ò lè fi hàn. Bí wọ́n bá jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ ọ̀la á fi mọ́, kò sí ẹni tó máa yí ẹnì kejì lọ́kàn padà.

Kì í sì í ṣe pé ọ̀kan nínú wọn ya olódì. Owó àgbàdo ní ẹnu ibodè wa kò ṣeé dá lójú. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnu ibodè wọn pa, wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jà, ó sì já wálẹ̀ gan-an. Ẹni tó ń fi náírà ra àgbàdo tí wọ́n ń fi fáráńkì tà mọ ohun tí mò ń wí. Àgbẹ̀ tó wà ní Kétu ò lè rí ohun tí wọ́n máa pinnu ní Àbújá láti inú oko rẹ̀. Òjò náà wà níbẹ̀: bí òjò kejì bá kùnà, owó á gbéra sókè.

Kí ni àwọn èèyàn wa máa ń ṣe nírú ìgbà báyìí? Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní, kí wọ́n ná an ná an títí wọ́n á fi pàdé láàárín, ká ní ní 17,000. Ìyá á máa lọ, á máa sọ nínú ara rẹ̀ pé òun ti san jù. Bàbá náà á jókòó, á máa sọ pé wọ́n ti rẹ́ òun jẹ. Èkejì, kí ọjà má bọ́ sí i rárá. Ìyá á gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí abúlé mìíràn. Bàbá á fi àpò 40 sílé, bẹ́ẹ̀ iléèwé ń wọlé nínú oṣù kẹsàn-án, ẹni tó yá a lówó ajílẹ̀ sì ń bọ̀ wá kan ilẹ̀kùn. Kòkòrò kékeré tó ń jẹ àgbàdo di ìyẹ̀fun náà kò ní dúró de oṣù karùn-ún. Nǹkan bí ọdún 1984 ni wọ́n rí kòkòrò yẹn ní Tógò, kò sì pẹ́ tó fi dé ọ̀dọ̀ tiwa. Àwọn tó ti ṣí àká wọn nínú oṣù kẹta tí wọ́n bá ìyẹ̀fun nínú rẹ̀ kò nílò àlàyé mi.

Ọ̀nà kẹta wà, òun ni mo fẹ́ ká gbé yẹ̀ wò. Dípò kí wọ́n máa jà lórí ohun tí oṣù karùn-ún máa mú wá, kí wọ́n jẹ́ kí oṣù karùn-ún fúnra rẹ̀ dá ẹjọ́ náà. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí pé: bí ó bá rí bí Bàbá ṣe wí, báyìí la ó ṣe, bí ó bá rí bí Ìyá ṣe wí, báyìí la ó ṣe. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àdéhùn bó-bá-ṣẹ.

Kì í ṣe ohun àjèjì. Ẹran àgbàsìn tí àwọn bàbá wa máa ń gbà sìn, ṣebí irú rẹ̀ ni? Ẹni tó ni ewúrẹ́ kò bá ẹni tó ń sìn ín jà pé ọmọ mélòó ni yóò bí. Wọ́n ti jọ sọ ọ́ ṣáájú bí wọ́n á ṣe máa pín ọmọ. Bí ó bá bí púpọ̀, àwọn méjèèjì á jọ jẹ púpọ̀. Bí kò bá bí, kò sí ẹni tó jẹ ẹnì kejì ní gbèsè. Àwọn oníléeṣẹ́ ńlá lókè òkun náà ń ṣe é. Ní ọdún 1999, àwọn òǹkọ̀wé méjì, Max Bazerman àti James Gillespie, kọ àlàyé lórí rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò, wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìdúnàádúrà tó ń fọ́ ni ìbá má fọ́ ká ní wọ́n lo irú àdéhùn yìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Bàbá àti Ìyá wa. Àdéhùn tí wọ́n lè ṣe nìyí. Ìyá á san 15,000 lórí àpò kọ̀ọ̀kan lónìí, yóò sì gbé àgbàdo lọ. Àpò 40 nígbà 15,000, owó náà jẹ́ 600,000 fáráńkì. Bàbá á san owó iléèwé, á san owó ajílẹ̀. Lẹ́yìn náà, tó bá di oṣù karùn-ún, wọ́n á wo owó àpò àgbàdo kan lọ́jà Kétu. Bí kò bá ju 20,000 lọ, ọ̀rọ̀ ti parí, Ìyá kò san nǹkan kan mọ́. Bí ó bá ju 20,000 lọ, Ìyá á san ìdajì ohun tó lé lórí 20,000 fún Bàbá, lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ àfikún yìí kò ní ju 4,000 lọ lórí àpò kan, bó ti wù kí ọjà gbówó lórí tó.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 20,000? Torí Ìyá ní ìnáwó. Owó ọkọ̀, owó ilé ìpamọ́, oògùn kòkòrò, àti èyí tó máa bàjẹ́ nínú rẹ̀: ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,000 lórí àpò kan. Ó tún yẹ kó jẹ èrè, ká ní 2,000. Ẹ fi 5,000 yẹn lé 15,000, ó di 20,000. Títí dé ibẹ̀, owó Ìyá ni. Ohun tó bá kọjá ibẹ̀ ni wọ́n jọ máa pín.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe máa rí. Bí oṣù karùn-ún bá dé tí owó jẹ́ 26,000 bí Bàbá ṣe sọ, ohun tó lé jẹ́ 6,000, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 3,000. Nígbà 40, ó di 120,000 fáráńkì. Ìyẹn ni pé 18,000 ni Bàbá padà gbà lórí àpò kan. Ìyá ńkọ́? Ó tà á ní 26,000, ó ti san 15,000, ó ná 3,000, ó tún fún Bàbá ní 3,000. Ó ku 5,000 lọ́wọ́ rẹ̀ lórí àpò kan. Kò sí ìdí tí yóò fi sunkún. Ṣùgbọ́n bí owó bá dúró ní 18,000 bí Ìyá ṣe sọ, Bàbá kò gba nǹkan kan kún un, 15,000 rẹ̀ náà ni. Èrè Ìyá kò pé 2,000 tó fẹ́, àmọ́ kò pàdánù.

Ẹ kíyè sí nǹkan kan níbẹ̀. Bàbá gbà gbọ́ pé 26,000 ni, torí náà lójú tirẹ̀, 18,000 ló ta àpò kan. Ìyá gbà gbọ́ pé 18,000 ni, torí náà lójú tirẹ̀, 15,000 ló ra àpò kan. Ohun tí wọn ò fẹnu kò lé lórí gan-an ló jẹ́ kí ọjà ṣeé ṣe. Ká ní ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo oṣù karùn-ún, àdéhùn yìí kò ní wúlò fún wọn tó báyìí.

Mi ò ní tàn yín: kì í ṣe owó ọ̀fẹ́. Bí owó bá já sí 18,000, Bàbá á rántí pé ká ní àwọn fi ìdúnàádúrà pàdé ní 17,000 ni, òun ìbá ti gba 80,000 fáráńkì ju báyìí lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ìyá kò ní gbà 17,000 láé, torí kò gbà pé oṣù karùn-ún á dára. Ẹni tó bá ń ṣe àdéhùn yìí gbọ́dọ̀ lè fara mọ́ apá tó burú níbẹ̀. Bí 15,000 náà kò bá lè tó o san gbèsè, má ṣe é.

Ó tún ní iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe, èmi fẹ́ràn ìyẹn gan-an. Ó máa ń fi ẹni tó ń parọ́ hàn. Ká ní Bàbá kò gbà gbọ́ nínú 26,000 náà rárá, tó kàn fẹ́ fi dẹ́rù ba Ìyá ni. Bí Ìyá bá wí pé, “Ó dáa, Bàbá, bó bá dé 26,000 màá fi kún un,” á máa wo ilẹ̀, á ní, “Rárá, ẹ kàn fún mi ní 17,000 báyìí.” Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dá lójú kì í sá fún irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ìyá tó bá ń búra pé ọjà ò ní gbówó lórí, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ ṣèlérí ohunkóhun bó bá gbówó lórí. Ẹ ti mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó máa ń dàrú. Ọ̀fìn tó jìn jù ni mo máa kọ́kọ́ sọ, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí i tẹ́lẹ̀.

Ká ní Ìyá nílò owó nínú oṣù kejìlá, tó sì ta gbogbo àpò 40 ní 17,500. Ó ti san 15,000, ó ná 2,000 torí kò tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Èrè rẹ̀ jẹ́ 500 lórí àpò kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20,000 fáráńkì. Oṣù karùn-ún wá dé, owó lọ sí 26,000. Bàbá dé pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó ní kí Ìyá san 120,000. Níbo ni yóò ti rí i? Àgbàdo tó gbówó lórí yẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sá, fóònù rẹ̀ kò ní wọlé mọ́. Kì í ṣe pé ó jẹ́ olè o. Àdéhùn náà ni kò dára, torí ó ní kó san owó ní ọjọ́ tí owó kò wọlé fún un. Àdéhùn bó-bá-ṣẹ tó dára, ọjọ́ tí ẹni tó máa sanwó bá rí owó ló yẹ kó máa bọ́ sí.

Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn: kí wọ́n pín àpò náà sí ọ̀nà méjì. Àpò 20 jẹ́ ti oṣù kejìlá, 17,000 ni ààlà tiwọn. Àpò 20 yòókù jẹ́ ti oṣù karùn-ún, 20,000 ni ààlà tiwọn, Ìyá sì mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ fi 20 yẹn pamọ́ dìgbà náà. Bí owó bá jẹ́ 17,500 ní oṣù kejìlá, ohun tó lé jẹ́ 500, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 250, ní àpò 20 ó jẹ́ 5,000. Bó bá jẹ́ 26,000 ní oṣù karùn-ún, 3,000 nígbà 20, ó jẹ́ 60,000. Bàbá gba 65,000. Kò tó 120,000, ṣùgbọ́n owó tó máa wọlé ni.

Ẹnì kan lè ní, kí ló dé tí wọn ò kàn so ó mọ́ iye tí Ìyá bá ta tirẹ̀? Rárá o. Ta ló máa mọ iye tó tà á? Òun nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tó ń tà á. Bí ó tilẹ̀ sọ òótọ́, Bàbá kò ní gbà á gbọ́. Nínú irú àdéhùn yìí, ohun tí ẹ máa so owó mọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì. Owó ọjà Kétu kò sí lọ́wọ́ Bàbá, kò sí lọ́wọ́ Ìyá. Ó yàtọ̀ sí ti awakọ̀ tó ń gbé tòmátì. Bí ẹ bá sọ fún awakọ̀ pé ẹ máa fi 5,000 kún owó rẹ̀ bó bá dé ọjà kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ so ó mọ́ yẹn, ìdí rẹ̀ sì ni kó lè múra síṣẹ́. Iṣẹ́ méjì ni, ẹ má ṣe dà wọ́n pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ni bí wọ́n á ṣe mọ owó ọjà. “Owó ọjà Kétu ní oṣù karùn-ún” dà bí ọ̀rọ̀ tó yé gbogbo èèyàn, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Ọjọ́ ọjà wo? Àràárọ̀ ni tàbí ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ máa lọ sílé? Àgbàdo funfun ni tàbí pupa? Iye tí olùtajà kọ́kọ́ pè ni tàbí iye tí owó fi kúrò lọ́wọ́ oníbàárà? Àpò wo? Gbogbo wa mọ àpò tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí wọ́n tún rán àfikún sí lórí, tí kò sì sí ẹni tó lè pè é ní kílò 100.

Ohun tí mo máa dábàá ni pé kí wọ́n mú ọjọ́ ọjà mẹ́ta tó tẹ̀ léra nínú oṣù karùn-ún. Lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni mẹ́ta jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta àgbàdo láàárọ̀: ẹnì kan tí Bàbá yàn, ẹnì kan tí Ìyá yàn, àti akọ̀wé ẹgbẹ́. Kí wọ́n wo ibi tí wọ́n ti ń sanwó ní tòótọ́, àgbàdo funfun, kílò 100 tí a gbé sórí òṣùwọ̀n. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ọjọ́ kìíní bá jẹ́ 25,000, tí ọjọ́ kejì àti ẹ̀kẹta jẹ́ 26,500, àpapọ̀ jẹ́ 78,000. Ẹ pín in sí mẹ́ta, 26,000 nìyẹn. Ìdí tí a fi mú ọjọ́ mẹ́ta ni pé ọjọ́ kan ṣoṣo rọrùn láti yí. Oníṣòwò ńlá kan lè tú ọkọ̀ àgbàdo sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kí owó lè wálẹ̀. Láti ṣe é ní ọjọ́ ọjà mẹ́ta yóò ná an ju ohun tó fẹ́ fi pamọ́ lọ.

Ẹ̀kẹta, owó náà gbọ́dọ̀ wà níbì kan. Bí Ìyá bá fi ìlérí nìkan lọ sí Àjàṣẹ́, ọ̀nà jìn. Ó dára kó fi díẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ akápò ẹgbẹ́ tàbí nínú àpótí ìfowópamọ́ tí ẹgbẹ́ ní, ká ní 40,000. Bí oṣù karùn-ún kò bá ju ààlà lọ, a dá a padà fún un. Bí ó bá ju ààlà lọ, ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sísan. Ẹ sì kọ ọ́ pé bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ta ni yóò gba owó, ta ni yóò san án. Ọ̀rọ̀ ikú kì í dùn ún sọ lọ́jọ́ ọjà, àmọ́ ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú nínú oṣù kẹta kò mọ ohunkóhun nípa àfikún 3,000.

Àwọn oníṣòwò kan náà máa ń béèrè pé, bí owó bá já wálẹ̀ sí 12,000, ṣé àgbẹ̀ á dá díẹ̀ padà fún àwọn? Ìbéèrè náà bá ẹ̀tọ́ mu. Ṣùgbọ́n owó tó ti di owó iléèwé kì í padà wá. Bí ẹ bá fẹ́ gbà á, ẹ jẹ́ kí Ìyá dá díẹ̀ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀, kó san 14,000 lónìí, kí 1,000 tó kù lórí àpò kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ akápò títí oṣù karùn-ún. Ẹ má gbà láti dá owó tí ẹ ti jẹ padà.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí etí yín ṣí sí. Bí ẹnì kejì bá yára gba àdéhùn yìí jù, tó tilẹ̀ ń dunnú, ẹ bi í léèrè ohun tó mọ̀. Ìyá tó ní oníbàárà ní òdì kejì ibodè lè ti gbọ́ ohun tí ẹ ò tíì gbọ́. Nígbà tí ẹni méjì bá mọ iye kan náà, tí wọ́n kàn rò ó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àdéhùn bó-bá-ṣẹ dára. Nígbà tí ẹnì kan bá mọ̀ tí ẹnì kejì kò mọ̀, ẹni tó mọ̀ ló máa jẹ.

Àwọn kan á ní tẹ́tẹ́ ni. Mo gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ kò ní ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ náà kó tó dá owó lé e. Àgbàdo ni Bàbá wa gbìn ní tirẹ̀, owó rẹ̀ á sì gbéra tàbí já wálẹ̀ yálà ó ṣe àdéhùn tàbí kò ṣe. Síbẹ̀, ẹ̀yin mùsùlùmí inú wa mọ̀ pé nínú òfin ìṣòwò Ìsìláàmù, ó yẹ kí iye ọjà di mímọ̀ nígbà tí ẹ bá ń tà á. Iye tó rọ̀ mọ́ oṣù karùn-ún lè bá ìyẹn lòdì. Ẹ bi àlùfáà yín léèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀nà mìíràn wà tó sún mọ́ ọn: kí Bàbá ta àpò 25 lónìí ní 15,000, kó sì fi 15 yòókù sínú ilé ìpamọ́ Ìyá, kó máa san owó ìpamọ́ fún un, kí wọ́n tó dá owó rẹ̀ ní oṣù karùn-ún. Bàbá ṣì ní ọwọ́ nínú oṣù karùn-ún, iye sì di mímọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá tà á.

Ẹ má sì lo àdéhùn yìí níbi tí kò yẹ. Bí ìjà yín bá jẹ́ pé àgbàdo ti gbẹ tàbí kò tíì gbẹ, ohun tó wà nílẹ̀ lónìí nìyẹn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Ẹ mú ìgò tó gbẹ, ẹ da àgbàdo sí i dé bí ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan, ẹ da iyọ̀ tó gbẹ dáadáa sí i ní ṣíbí kan tàbí méjì, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ jẹ́ kó sinmi. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà nínú àgbàdo, kò yẹ fún ìpamọ́. Bí kò bá lẹ̀, ó ti gbẹ. Kò sí ìdí láti dúró de oṣù karùn-ún nítorí ohun tí iyọ̀ ṣíbí kan lè sọ fún yín.

Àwọn ẹgbẹ́ kan ti máa ń béèrè pé báwo ni ìwé náà ṣe máa rí. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí, kí akọ̀wé kà á sókè fún àwọn méjèèjì kí wọ́n tó tẹ ìka:

“Lónìí, èmi olùtà ta àpò àgbàdo funfun 40, kílò 100 lórí òṣùwọ̀n, fún olùrà. Olùrà ti san 15,000 fáráńkì lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Bí owó irú àpò yìí lọ́jà Kétu, tí a wò ní ọjọ́ ọjà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù karùn-ún, tí a pín sí mẹ́ta, bá ju 20,000 lọ, olùrà á san ìdajì ohun tó lé lórí àpò kọ̀ọ̀kan, kò ní ju 4,000 lọ. Ẹni mẹ́ta tí a kọ orúkọ wọn sísàlẹ̀ ló máa wo owó náà. Olùrà á san án láàárín ọjọ́ 15 lẹ́yìn ọjọ́ ọjà kẹta. Bí wọ́n bá ti ọjà pa, tí kò sí owó láti wò, ọjà Pọ́bẹ̀ la ó lọ wò.”

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, ẹ má fò ó. Bí ọjà Kétu kò bá ná rárá lóṣù náà, ìwé tí kò sọ ibòmíràn á di ìwé lásán.

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ìṣirò méjì yìí ká tó tún pàdé. Èkíní: lórí ìwé tí mo kà yìí, bí owó oṣù karùn-ún bá jẹ́ 22,400, èló ni Ìyá máa san lórí àpò 40? Èkejì: bí ọjọ́ ọjà mẹ́ta bá jẹ́ 27,000, 29,000 àti 31,000 ńkọ́? Ẹ ṣọ́ra ní ti èkejì yẹn, ààlà wà níbẹ̀. Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sínú ìwé ẹgbẹ́, a ó yẹ̀ ẹ́ wò nínú ètò ọjà tó ń bọ̀.